"Tíì" Tó Wà Nínú "Mi Ò Tíì Ṣetán"

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú pé orí gírámà ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ gún mi.

Lọ́jọ́ kan ní kíláàsì, olùkọ́ wa kọ gbólóhùn méjì sójú pátákó: "Kò wá" àti "Kò tíì wá." Ó ní kí á sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Ọmọ kan dìde, ó ní ti àkọ́kọ́ ti parí, ṣùgbọ́n ti èkejì ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Olùkọ́ ní ó káre. Ó wá ní, "Ó dáa, bí ẹnì kan bá pàdé rẹ lójú títì tó ní 'Bàbá rẹ kò tíì kú' ńkọ́?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá yẹn lè wà nílé tó ń jẹ iyán lọ́wọ́, kí ara rẹ̀ le bí òkúta. Ẹni tó sọ̀rọ̀ kò purọ́. Síbẹ̀, ìjà ló fà yẹn, torí pé "tíì" ti ka ikú mọ́ ohun tó ń bọ̀, ọjọ́ rẹ̀ nìkan ni kò pé. Olùkọ́ ní bí "tíì" ṣe rí nìyẹn: kì í kàn sọ pé nǹkan ò ṣẹlẹ̀, ó tún ń ní kí á máa retí rẹ̀.

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rín. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni ẹnì kan ti wí fún mi pé, "Mi ò tíì ṣetán láti fẹ́ ẹnikẹ́ni." Ìgbà kẹta tí yóò sọ ọ́ nìyẹn. Àtàárọ̀ ọjọ́ náà la sì ti jọ wà.

Ọmọ Ìkìrun ni mí. Òkukù ni òun ti ń kàwé. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa yóò mọ̀ pé ọkọ̀ tó bá kúrò ní Òṣogbo tó ń lọ sí Ọ̀fà yóò kọ́kọ́ kan Ìkìrun, lẹ́yìn náà Ìnísà, kó tó kan Òkukù. Inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ la ti pàdé. Èrò kún, orí ìjókòó kan náà ni wọ́n há wa sí, ó sì bi mí bóyá ewì ni mo ń kọ tàbí gbèsè ni mo ń ṣírò, torí pé mo ń ka nǹkan sórí ìka. Mo ní ewì ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Akéwì.

Nígbà tó pé bí oṣù méjì, mo dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Kò fi mí ṣẹ̀sín, kò sì bínú. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ní òun fẹ́ràn mi bí ènìyàn, ṣùgbọ́n òun ò tíì ṣetán. Mo ní kò burú. Mo lérò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, pé a ó máa kíra wa lọ́nà jíjìn. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ló pè mí lórí fóònù tó bi mí pé, "Ṣé o ti jẹun?" A sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn fún oṣù méje. Bí ibà bá dá a dúbúlẹ̀, èmi ni yóò pè. Bí owó bá tán lọ́wọ́ mi, òun ni yóò fi ránṣẹ́ kí n tó béèrè. A jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Ó mọ ohun tí mi ò lè sọ fún ìyá mi. Ní ọjọ́ ìsinmi, bí mi ò bá lọ sí Òkukù, yóò wá sí Ìkìrun, yóò kúnlẹ̀ kí àwọn ará ilé mi, wọn yóò sì pè é ní "ìyàwó wa," yóò kàn rẹ́rìn-ín. Bí mo bá wá pa ohùn dà, tí mo ní kí á sọ ọ̀rọ̀ ara wa, ojú rẹ̀ á yí padà: "Akéwì, mo ti sọ fún ọ. Mi ò tíì ṣetán."

Àwọn ọmọ ìwòyí ti ní orúkọ fún un, wọ́n ń pè é ní sitúéṣọ̀nṣíìpù. Orúkọ náà gùn, ṣùgbọ́n kò bá mi dáhùn ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi. Ìbéèrè náà ni pé: ṣé ẹni tó ti fi ẹnu sọ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan ti bọ́ lọ́wọ́ ohun tí ìwà rẹ̀ ń sọ lójoojúmọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní hósítẹ́ẹ̀lì ti dá ẹjọ́ náà kí n tó sọ ọ́ tán. Apá kan ní, "Ó ti sọ fún ọ, ìwọ lo dití." Apá kejì ní, "Ó ń lò ọ́ ni, ó fi ọ́ ṣe ohun ìdúródè." Mo gbọ́ ti ìhà méjèèjì, kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo mọ̀ pé mi ò dití, mo sì mọ̀ pé ọmọ náà kì í ṣe oníjìbìtì.

Àbí, ṣé mo mọ̀? Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1986 lórí ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣègùn Yorùbá nípa "mọ̀" àti "gbàgbọ́." Ohun tí wọ́n rí ni pé Yorùbá kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ lo "mọ̀." Ohun tí ojú ara rẹ bá rí, tí ọkàn rẹ sì jẹ́rìí sí, ni o lè sọ pé o mọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn bá sọ fún ọ, tí o sì gbà, ìgbàgbọ́ ni, torí pé o gba ohun tí o gbọ́ ni.

Nígbà tí mo ka èyí, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní ẹjọ́ mi ti jàre. "Mi ò tíì ṣetán" jẹ́ ohun tí mo fi etí gbọ́, mo kàn gbà á gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó bù fún mi, ìpè òru, ìkúnlẹ̀ tó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ojú mi ló rí gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ sì ju ìgbàgbọ́ lọ! Ọjọ́ bíi mẹ́ta ni mo fi ń gbé àyà kiri pẹ̀lú ọgbọ́n yìí kí n tó rí ibi tó ti jò. Ohun tí ojú mi rí ni pé ó bu oúnjẹ fún mi. Pé ìfẹ́ ló fi bù ú, ojú mi kò rí ìyẹn. Èmi ni mo fi kún un. Ẹni kan ṣoṣo tó lè fi ojú inú rí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀, òun náà ló sì ń sọ pé òun ò tíì ṣetán. Nítorí náà, lórí ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀, òun ló mọ̀. Tèmi ò ju kí n gbà á gbọ́ tàbí kí n má gbà á gbọ́ lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, àwọn tó ní mo dití ló jàre. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo sin ọmọbìnrin kan tí a jọ ń kọ ewì délé. Ẹnì kan rí wa, ó sì ròyìn. Kí n tó dé ibùsùn, ìpè mẹ́rìnlá ti wà lórí fóònù mi. Nígbà tí mo gbé e, kò kí mi. Ó ní, "Ta ni yẹn?" Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ní, "Irú ọ̀rẹ́ wo?" Mo bá bi í bóyá ó ti ṣetán. Ó pa fóònù. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún ó wá láti Òkukù pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹran nínú kúlà, bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ibi yìí ni mo rò pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ohun tó wà lọ́kàn, tó di ti ohun tó wà láàárín ènìyàn méjì. Oúnjẹ bíbù kì í ṣe ẹ̀tọ́, ẹnikẹ́ni lè bu oúnjẹ fún ẹni tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n owú jíjẹ jẹ́ ìgbà tí ènìyàn bá ń gba ẹ̀tọ́. Ẹni tó bá bi mí pé "Ta ni yẹn?" ní ohùn tó fi bi mí, ó ń sọ pé òun ní ìpín nínú ibi tí mo bá ń lọ. Bẹ́ẹ̀, òun kan náà ló ń sọ pé èmi ò ní ìpín kankan nínú ibi tí òun bá ń lọ. Mi ò nílò láti rí ọkàn rẹ̀ kí n tó rí ìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wà nínú irú nǹkan yìí tí kò mọ èyí tó ń ṣe é, ibẹ̀ ni kó wò. Kó má wo oore tí wọ́n ń ṣe é, kó wo ohun tí wọ́n ń bi í léèrè bí ìgbà tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí i, kó sì wò ó bóyá òun náà lè bi wọ́n.

Inú ọ̀sẹ̀ náà ni mo lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ìnísà. Mi ò lọ sọ ẹjọ́ fún wọn o. Iṣẹ́ àṣetiléwá ni mo bá lọ, wọ́n ní kí á ṣe ìwádìí lórí ètò ìgbéyàwó láyé àtijọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì náà mọ bí wọ́n ṣe máa ń tò ó: ìfojúsóde, alárinà, ìjọ́hẹn tí àwọn kan ń pè ní ìṣíhùn, ìtọrọ, ìdána, ìgbéyàwó. A máa ń há a sórí fún ìdánwò bíi orúkọ ibùdókọ̀. Èmi náà ti há a sórí tẹ́lẹ̀, mi ò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ìyá àgbà ò tẹ̀lé títò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dárúkọ ìjọ́hẹn. Wọ́n ní, "Àjàní, ìgbà tí mo wí pé 'hẹn' tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un." Mo ní báwo? Wọ́n ní kí ọmọbìnrin tó jẹ́ hẹn, ó lè pàdé ọkùnrin náà lódò, kí wọ́n kíra wọn, kí wọ́n dá àpárá. Alárinà ni yóò máa gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Ọmọbìnrin lè ní òun ń rò ó, wọn yóò fún un láyè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá ti wí pé "hẹn," tí wọ́n sì ti fún un ní owó ìjọ́hẹn, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Bó bá rí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lókèèrè, yóò yà sínú igbó, tàbí kó fi ìborùn bo ojú. Bó bá rí ẹbí ọkùnrin náà, bákan náà. Ìyá àgbà ní lọ́jọ́ kan àwọn da agbọ̀n ẹ̀wà nù sọ́nà torí pé wọ́n rí bàbá àgbà lórí kẹ̀kẹ́.

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ìwé àkọsílẹ̀ mi. Àṣé ayé ti yí bìrí. Nígbà náà, ẹni tó ti jẹ́ hẹn ló ń sá pamọ́. Lóde òní, ẹni tí kò jẹ́ hẹn ló ń jókòó tini látàárọ̀ dalẹ́. Sísá tí wọ́n ń sá nígbà náà, gbogbo ayé mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ẹni tó ń sá ti gbà. Jíjókòó tí a ń jókòó nísinsìnyí, àwa méjì tí a wà nídìí rẹ̀ gan-an kò mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Mo tún bi wọ́n nípa iṣẹ́ tí ọkùnrin ń ṣe fún àna. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àfẹ́sọ́nà a máa kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sóko bàbá ìyàwó láti lọ kọ ebè, wọ́n lè bá wọn kọ́lé, wọ́n á gbé iṣu lọ lásìkò ìkórè. Mo ní bí ọmọbìnrin bá wá yí ohùn padà ńkọ́? Wọ́n ní, "Wọn yóò dá owó rẹ̀ padà fún un. Ṣé òfò ló wá ṣe ni?" Ohun tí mo rí nínú èyí ni pé ìlú gbà pé àkókò àti òógùn ènìyàn jẹ́ nǹkan tí ó ní iye. Kò sí ẹni tó lè ní, "Èmi ò bẹ̀ ọ́ kí o wá ro oko," torí alárinà wà láàárín, ẹbí mọ̀, ohun tí iṣẹ́ náà dúró fún sì ti wà ní sísọ kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀.

Kí ẹ má rò pé mo fẹ́ kí á padà síbẹ̀. Mo bi ìyá àgbà bóyá gbogbo ọmọbìnrin ló rí àyè sọ pé òun ń rò ó. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé láti kékeré ni bàbá wọn ti fi wọ́n fún ọkọ, "hẹn" tiwọn, wọ́n kàn fi ẹnu wọn sọ ọ́ ni. Ọ̀rẹ́ àwọn kan wí pé òun ò ṣetán, wọ́n nà án. Nítorí náà, "mi ò tíì ṣetán" tí mo ń kùn sí yìí, ẹnì kan ti sunkún nítorí pé kò rí i sọ. Ẹ̀tọ́ ńlá ni. Mi ò gbọdọ̀ fi ẹjọ́ mi gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ní in.

Ohun kan tún wà tí mo gbé wọ inú ọ̀rọ̀ náà láti Òkukù. Karin Barber, òyìnbó obìnrin tó gbé Òkukù láàárín ọdún 1974 sí 1977, tó sì kọ ìwé lórí oríkì ìlú náà ní 1991, ṣàlàyé nípa rárà ìyàwó tí àwọn ọmọge ibẹ̀ ń sun ní ọjọ́ tí wọ́n ń relé ọkọ. Ìyàwó yóò lọ káàkiri pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yóò dúró níwájú àwọn òbí rẹ̀, yóò gba ìre lẹ́nu wọn, yóò sì fi ohùn arò sọ bí ó ṣe ń dùn ún láti fi ilé sílẹ̀ àti ohun tó ń bà á lẹ́rù níbi tó ń lọ. Ẹ wò ó: ó ti jẹ́ hẹn, wọ́n ti dána, ẹrù ti wà nílẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fún un láyè láti dúró lójúde kó sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Kò sí ẹni tó ní, "Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, má lọ mọ́." Èyí yà mí lẹ́nu. Mo ti rò pé ẹni tó bá fẹ́ ni yóò ṣetán, pé ẹni tí kò ṣetán kò fẹ́. Àwọn ará Òkukù ti mọ̀ tipẹ́ pé ènìyàn lè fẹ́ kó má ṣetán. Ó tún lè ṣetán kó má fẹ́.

Mo wá padà sí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. "Ṣetán": ṣe, tán. Ẹni tó bá ní òun ò tíì ṣetán ń sọ pé nǹkan kan wà tí òun ń ṣe tí kò tíì tán. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí n bi í, oṣù méje ni mi ò sì fi bi í: kí lò ń ṣe lọ́wọ́? Ṣé ìwé ni? Ṣé ọgbẹ́ ẹni tó ti fẹ́ tẹ́lẹ̀ ni kò tíì jinná? Ṣé bàbá rẹ ló ní o ò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn ọkùnrin? Bí nǹkan náà bá wà, ó ní orúkọ, ó sì lè ní òpin. Bí kò bá sí, "tíì" ni kò yẹ kó wà níbẹ̀, ó yẹ kó jẹ́ "mi ò fẹ́," ìyẹn náà ò sì burú. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ yìí, lójú tèmi, kì í ṣe kíkọ̀, kì í sì í ṣe jíjókòó tini. "Tíì" tí a sọ tí a kò fún ní ọjọ́ ni, tí a wá ń bu oúnjẹ lé e lórí lójoojúmọ́ kó má baà kú.

Kí ló dé tí mi ò bi í? Ẹ̀rù ló bà mí. Bí mo bá bi í, ó lè dáhùn. Níbi tí mo dé yìí, mo ní láti jẹ́wọ́ tèmi náà, torí mo ti ń sọ̀rọ̀ bíi pé òun nìkan ló jẹ̀bi. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ pé òun ò tíì ṣetán, mo ní kò burú, mo ní kí á máa ṣe ọ̀rẹ́. Irọ́ ni. Mi ò ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ kan. Gbogbo omi tí mo bá a pọn, gbogbo owó ọkọ̀ tí mo san láti Ìkìrun dé Òkukù, oko àna ni mo ń ro. Mo ń kọ iye ebè sílẹ̀ lọ́kàn mi. Àfẹ́sọ́nà àtijọ́ kì í ro oko láìjẹ́ pé alárinà ti sọ ohun tó wá ṣe. Èmi yọ́ wọ oko olóko lórúkọ ọ̀rẹ́, mo wá ń bínú pé wọn ò san owó iṣẹ́ fún mi. Bí òun bá fi "tíì" tàn mí, èmi náà fi "ọ̀rẹ́" tàn án. Ẹ̀tàn tèmi tilẹ̀ lè jù, torí pé òun sọ apá kan òtítọ́, èmi ò sọ nǹkan kan.

Mo lọ sí Òkukù ní ọjọ́ Sátidé. Mi ò gbé ẹ̀bùn kankan dání. A jókòó síwájú ilé tó ń gbé, lójú gbogbo ènìyàn. Mo sọ fún un pé n ò wá dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, pé mo wá jẹ́wọ́. Mo sọ ti oko àna. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí mo rò pé o ń tọ́jú mi, ò ń ṣírò?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ti mọ̀. Ó ní nítorí ẹ̀ ni òun ò ṣe lè fọkàn balẹ̀ sọ ohun tó wà lọ́kàn òun.

Mo bi í ní ìbéèrè mi. Kí lò ń ṣe tí kò tíì tán? Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní ẹnì kan wà ní ọdún tó kọjá. Kò sọ púpọ̀. Ó ní ohun tí òun mọ̀ ni pé bí òun bá ti gbọ́ "àfẹ́sọ́nà," inú òun á máa ṣe jọ̀ọ̀. Ó ní bí òun bá wà pẹ̀lú mi, kì í ṣe òun bẹ́ẹ̀, àfi bí mo bá fún un lórúkọ. Mo ní owú tó jẹ lọ́jọ́sí ńkọ́? Ó bo ojú. Ó ní, "Ìyẹn ò dáa. Má bínú."

Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ohun tí mi ò múra sílẹ̀ fún. Ó ní, "Akéwì, bí mo bá yọ 'tíì' kúrò ńkọ́? Bí mo bá ní mi ò ní fẹ́ ọ láéláé, ṣé wàá ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ mi?" Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Mo ní, "Mi ò tíì mọ̀."

Ó wò mí. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yíjú wò wá.

A dá ọjọ́. Lẹ́yìn ìdánwò òpin ọdún wọn, ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́, a ó jókòó síbi kan náà. Bó bá jẹ́ "hẹn," kó sọ. Bó bá jẹ́ "rárá," kó sọ, èmi náà yóò sì sọ bóyá mo lè ṣe ọ̀rẹ́ lóòótọ́ tàbí n ò lè ṣe é. Títí di ìgbà náà, kò sí ìpè òru, kò sí abọ́ kan náà. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá rí ẹlòmíràn kí ọjọ́ náà tó pé, kó sọ ọ́, kí èkejì má bi í pé "Ta ni yẹn?"

Kò rọrùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀ láìmọ̀, mo sì pa á kó tó dún. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù. Ní báyìí, bí mo bá wọ ọkọ̀ ní Ìkìrun, Ìnísà ni mo ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń bá ìyá àgbà ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ló dé tí mo fi ń wá tó báyìí. Mo ní iṣẹ́ àṣetiléwá ni.